Gbólóhùn Kan, Iṣẹ́ Kan: Bí Wọ́n Ṣe Tún Ìwé Ìlànà Àyẹ̀wò Ibà Kọ

Ìwé náà wà lára ògiri yàrá àyẹ̀wò, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ sókè tábìlì. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní agbègbè Òkè-Ògùn ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bí wọn yóò ṣe máa ṣe àyẹ̀wò ibà fún àwọn ọmọdé ní abúlé wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Aránṣọ wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama náà wà níbẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ìwé náà, kí kíkà rẹ̀ má baà ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀ rèé:

"Fi lánsẹ́ẹ̀tì gún ìka aláìsàn lẹ́yìn tí o bá ti fi òwú sípíríìtì nù ún tí ó sì ti gbẹ, kí o fi pìpẹ́ẹ̀tì fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ihò S, kí o sì kán bọ́fà sí ihò A, ṣùgbọ́n rí i dájú pé o ti kọ orúkọ aláìsàn sára kásẹ́ẹ̀tì, kí o sì dúró fún àsìkò tó yẹ kí o tó wo èsì. Má ṣe lo èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kó ohun tí o lò dànù sí ibi tó yẹ."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ yóò kà á, yóò sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mètírọ́ọ̀nù tó ń darí ilé ìwòsàn náà ti yẹ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn olùyọ̀ǹda wò, ohun tó rí kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí kò lórúkọ. Àwọn kan ka èsì kí àsìkò tó pé. Dípò kí ó bá ẹnikẹ́ni wí, ó ní ìwé náà ni kí àwọn kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń tún un kọ, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ mú yín rìn já.

Kí á tó wọlé, ó yẹ kí á mọ ohun tí àyẹ̀wò náà jẹ́. Àyẹ̀wò ibà ojú-ẹsẹ̀ ni. Kò lo ẹ̀rọ awò-kòkòrò, kò sì lo iná mànàmáná. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré oníke kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré gan-an láti orí ìka ni wọ́n ń fi sí ihò kan, wọn á kán omi tí wọ́n ń pè ní bọ́fà sí ihò kejì, bọ́fà náà á sì gbé ẹ̀jẹ̀ náà gba ojú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá. Bí èròjà tí kòkòrò ibà máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìlà pupa kan á yọ. Ní 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura pé ibà ń ṣe, kí wọ́n tó fún un lóògùn. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò yìí fi dé ọwọ́ àwọn aránṣọ àti àgbẹ̀ ní abúlé.

Wọ́n kọ́kọ́ wo ọwọ́

Mètírọ́ọ̀nù kò bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà. Ó pe aránṣọ náà, ó gbé ìwé àtijọ́ síwájú rẹ̀, ó sì ní kí ó ṣe àyẹ̀wò fún nọ́ọ̀sì kan tó gbà láti na ìka rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì fi àmì pupa sí, ni wọ́n lò.

"Ẹ máa ka á síta, Ìyá wa, kí ẹ máa ṣe bí ó ti wí," ni Mètírọ́ọ̀nù sọ. "A ò ní bá yín sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá ṣì í, ìwé ló ṣì í."

Aránṣọ náà ka gbólóhùn àkọ́kọ́, ó sì mú lánsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka. Ó ti ń ṣí i nígbà tí ojú rẹ̀ dé "lẹ́yìn tí o bá ti fi òwú sípíríìtì nù ún." Ó dúró. Ó fi lánsẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wá òwú, ó nu ìka. Ó tún padà sórí ìwé, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí ó kà dé mọ́, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti wọ ihò S, tí bọ́fà ti wọ ihò A, ó wá kan ibi tí wọ́n kọ "rí i dájú pé o ti kọ orúkọ aláìsàn." Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì tó kún fún omi sókè láti kọ orúkọ sí i, bọ́fà sì ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ìgbà yẹn gan-an ni ó ka "má ṣe lo èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá."

Ó wo Mètírọ́ọ̀nù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó yẹ kí n ti wo ìyẹn ṣáájú?"

Nọ́ọ̀sì mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ẹ̀dà ìwé náà, ní gbogbo ibi tí aránṣọ náà ti dúró, tí ó ti wo ẹ̀yìn, tàbí tí ó ti gbé ohun kan sílẹ̀ tí ó tún gbé e. Àwọn ìlà pẹ́ńsùlù yẹn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ìyókù ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó jiyàn lórí gírámà, kò sì sẹ́ni tó ní gbólóhùn náà kò dùn. Ibi tí ọwọ́ ti dúró ni ibi tí ìwé ti ṣẹ́.

Wọ́n gé gbólóhùn náà

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n ka iye iṣẹ́ tó wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn. Mètírọ́ọ̀nù ní kí wọ́n fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan tó ń rán ọwọ́ tàbí ojú níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe tò ó bí ó ti wà nínú ìwé nìyí: gún, nù, jẹ́ kí ó gbẹ, fa ẹ̀jẹ̀, kán bọ́fà, kọ orúkọ, dúró, wo èsì. Iṣẹ́ mẹ́jọ nínú gbólóhùn kan. Wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí páálí kékeré kan, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí tábìlì.

Ibẹ̀ ni ohun tó pamọ́ ti hàn. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣáájú nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni kíkọ orúkọ, ipò kẹfà ni ó sì wà nínú ìwé. Gígún ìka ló wà ní ipò kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ sì ni nínù àti gbígbẹ ló yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀. Yíyẹ ọjọ́ wò, tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo rẹ̀, kò tilẹ̀ sí nínú gbólóhùn náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, bí ìgbà tí ènìyàn ń júwe ọ̀nà tí ó wá sọ pé, "Kí o tó dé ọjà, o ti gbọ́dọ̀ yà sọ́tùn-ún," nígbà tí ẹni tó ń lọ ti kọjá ọjà.

Mètírọ́ọ̀nù fi ìka tẹ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó fa wàhálà náà: "lẹ́yìn tí o bá ti", "kí o tó", "ṣùgbọ́n rí i dájú pé o ti". Ó ní ibikíbi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti hàn nínú ìlànà iṣẹ́, iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò sí ní àyè rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìwé ti mọ òpin iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ó fi lè sọ̀rọ̀ síwájú kí ó tún sọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ń ka ìwé kò mọ ju ìlà tí ojú rẹ̀ wà lọ. Bí ó bá ti ń kà ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é.

Nígbà tí wọ́n to àwọn páálí náà bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ yẹn kò wúlò mọ́. "Fi òwú sípíríìtì nu ìka." "Dúró kí ìka náà gbẹ." "Fi lánsẹ́ẹ̀tì gún un." Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ti sọ ohun tí "lẹ́yìn tí o bá ti" ń sọ.

Gbígbẹ yìí ní àlàyé tirẹ̀. Bí ìka bá ṣì tutù fún sípíríìtì nígbà tí wọ́n gún un, ó máa ń ta aláìsàn, sípíríìtì náà á sì dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Nínú ìwé àtijọ́, "tí ó sì ti gbẹ" jẹ́ ìrù ọ̀rọ̀ lásán. Aránṣọ náà kò dúró kí ìka gbẹ rárá. Ó nù ún, ó gún un. Nígbà tí ó di ìlà tó dá dúró, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, gbogbo ẹni tí mo wò ló dúró.

Ibi tí gígé yẹ kí ó mọ

Àgbẹ̀ tó wà láàárín wọn fẹ́ràn gígé yìí débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun gbogbo. Ó ní kí wọ́n kọ "Na ọwọ́ sí ìgò bọ́fà", kí wọ́n kọ "Gbé ìgò náà", kí wọ́n kọ "Yí ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀". Mètírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá, bí a bá kọ ọ́ báyẹn, ojú yóò máa kúrò lára ìgò lọ sórí ìwé, bọ́fà yóò sì ti kán tán."

Ìlànà tí wọ́n fẹnu kò sí ni èyí: ohun tí ọwọ́ ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà kan ni wọ́n á fi kọ ọ́, ohun tí ọwọ́ ń ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Dídi ìgò bọ́fà mú lóòró àti kíkán an kò ṣeé pín, nítorí pé bí ìgò bá dagun, ẹ̀kán náà kò ní tóbi bí ó ṣe yẹ, iye omi tó wọ ihò kò sì ní pé. Nítorí náà ìlà kan ni wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n kíkán bọ́fà àti wíwo aago kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ sún mọ́ ara wọn. Ìlà méjì ni wọ́n fún ìyẹn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun kan kò sí nínú àwọn ìlà náà mọ́. Ìwé àtijọ́ ní ibì kan tó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú kásẹ́ẹ̀tì, láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó di ìka ọmọ tó ń sunkún mú kò ráyè kà á. Wọ́n kó gbogbo "nítorí pé" lọ sí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n á ti máa kà á lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

"Díẹ̀" àti "tó yẹ"

Ohun tó kàn ni àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní ìwọ̀n. Mẹ́ta ló wà nínú ibi tí mo kọ sókè: "ẹ̀jẹ̀ díẹ̀", "àsìkò tó yẹ", "ibi tó yẹ". Iye ẹ̀kán bọ́fà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Mètírọ́ọ̀nù bi gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé iye ìṣẹ́jú wo ni "àsìkò tó yẹ". Ẹnì kan ní márùn-ún, ẹnì kan ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnì kan ní títí ìlà fi máa yọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló léwu jù. Ìlà C, tó ń fi hàn pé kásẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, máa ń tètè yọ. Ìlà T, tó ń sọ pé ibà wà, lè pẹ́ kí ó tó yọ bí kòkòrò kò bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá kà á ní kété tí C yọ lè sọ pé kò sí ibà lára ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ìwé tó wà nínú páálí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò lásìkò náà ní ẹ̀kán bọ́fà méjì, 20 ìṣẹ́jú. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ náà, dípò "díẹ̀", wọ́n kọ "dé ojú ìlà dúdú", nítorí pé pìpẹ́ẹ̀tì náà ní ìlà dúdú kan lára tó ń fi hàn ibi tí ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ dé.

Níbí ni wọ́n ti rí ohun mìíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì yìí kò lo iye kan náà. Ẹ̀kán méjì ni ti ọ̀kan, òmíràn lè jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. 15 ìṣẹ́jú ni ti òmíràn, kì í ṣe 20. Ìwé tó sọ pé "kán ẹ̀kán méjì" á di irọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó páálí mìíràn dé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ni pé orúkọ irú kásẹ́ẹ̀tì náà ló wà lórí ìwé, ní lẹ́tà ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Bí páálí bá yí padà, ìwé á yí padà pẹ̀lú rẹ̀, wọn á sì ká èyí tó wà lára ògiri kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé ìlànà méjì kò gbọ́dọ̀ wà lára ògiri kan.

Ohun tí wọ́n ní láti pinnu

Kíka èsì kò dà bí àwọn ìgbésẹ̀ yòókù, nítorí pé ohun tí ojú bá rí ló máa sọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe. Ìwé àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí T: bí ìlà bá wà ní T, ibà wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá sọ ní ìsàlẹ̀ pé bí ìlà kò bá sí ní C, àyẹ̀wò náà kò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá rí T láìrí C yóò ti kọ "ibà wà" sílẹ̀ kí ó tó dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n yí i padà. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè sọ gbogbo ìyókù di asán ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ìlà wà ní C? Bí kò bá sí, kò sí ohun tí à ń kà mọ́, kódà bí T bá pọ́n fòò. Bí ó bá wà, nígbà náà la ó wo T. Wọ́n tún fi ìlà kan kún un nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì náà ti rí láìmọye ìgbà: ìlà T tó fẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú fẹ́ẹ̀ẹ́ má rí, ìlà náà ni. Àwọn ènìyàn máa ń pè é ní "kò dájú". Ìwé tuntun kò fi àyè sílẹ̀ fún "kò dájú".

Ẹni tí kò ṣe é rí

Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé tuntun náà tán, wọn kò fún aránṣọ náà, nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n báyìí, orí rẹ̀ á máa kún ohun tí ìwé kò sọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni Mètírọ́ọ̀nù pè. Kò tíì fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì rí.

Ó lọ dáadáa títí ó fi gún ìka. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn, ìlà kan wà ní ìsàlẹ̀ tó ní kí ó ju lánsẹ́ẹ̀tì àti pìpẹ́ẹ̀tì pọ̀ sínú àpótí abẹ́rẹ́. Ó dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé àpótí kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó mú lánsẹ́ẹ̀tì náà ni ó ní láti fi mú pìpẹ́ẹ̀tì. Mo wo ọwọ́ náà bí ó ṣe dúró lókè tábìlì, tí kò mọ ibi tí yóò gbé abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ lórí sí. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú. Abẹ́rẹ́ náà yí gbirigbiri, ó wọ abẹ́ òwú. Nígbà tí ó tún na ọwọ́ sí òwú lẹ́yìn náà, Mètírọ́ọ̀nù ké pé, "Dúró, àbúrò mi!"

Wọ́n gé ìlà yẹn sí méjì lójú ẹsẹ̀. Jíju lánsẹ́ẹ̀tì wá tẹ̀ lé gígún, láìsí nǹkan kan láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n tún un dán wò, ọ̀dọ́kùnrin náà gún ìka, ó sì yí ọrùn láti wá àpótí abẹ́rẹ́. Ó wà nílẹ̀ ní ìdí ilẹ̀kùn. Wọ́n tún fi ìlà mìíràn kún un, ní ìbẹ̀rẹ̀: kí àpótí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó ń gún ìka, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àsìkò dídúró náà ní àbùkù tirẹ̀. "Dúró fún 20 ìṣẹ́jú" ni wọ́n kọ. Ọ̀dọ́kùnrin náà wo fóònù rẹ̀, ó bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, nígbà tí ó yá ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó ni mo bẹ̀rẹ̀?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Dídúró kì í ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe. Wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́: wo aago, kí o sì kọ aago tí o máa ka èsì sára kásẹ́ẹ̀tì. Bí aago mẹ́wàá bá lù nígbà tí bọ́fà kán, 10:20 ni yóò wà lára kásẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè mọ̀ bóyá ó ti tó kà.

Ìwé tó wà lára ògiri báyìí

Ohun tó kù nìyí, fún irú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo náà:

1. Wo ọjọ́ tó wà lára àpò kásẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti kọjá, mú àpò mìíràn.
2. Kó gbogbo ohun èlò sórí tábìlì.
3. Gbé àpótí abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí o máa fi gún ìka.
4. Béèrè orúkọ aláìsàn.
5. Wọ ìbọ̀wọ́ tuntun.
6. Ya àpò kásẹ́ẹ̀tì.
7. Kọ orúkọ aláìsàn sára kásẹ́ẹ̀tì.
8. Fi òwú sípíríìtì nu ìka kẹrin ọwọ́ òsì.
9. Dúró kí ìka náà gbẹ.
10. Fi lánsẹ́ẹ̀tì gún ẹ̀gbẹ́ orí ìka náà.
11. Ju lánsẹ́ẹ̀tì sínú àpótí abẹ́rẹ́.
12. Fi pìpẹ́ẹ̀tì fa ẹ̀jẹ̀ dé ojú ìlà dúdú.
13. Tẹ ẹ̀jẹ̀ náà sínú ihò S.
14. Ju pìpẹ́ẹ̀tì sínú àpótí abẹ́rẹ́.
15. Di ìgò bọ́fà mú lóòró, kán ẹ̀kán méjì sínú ihò A.
16. Wo aago.
17. Kọ aago tí 20 ìṣẹ́jú yóò pé sára kásẹ́ẹ̀tì.
18. Nígbà tí aago náà bá pé, wo C. Bí ìlà kò bá sí ní C, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 1 pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tuntun.
19. Wo T. Bí ìlà bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ẹ́rẹ́ tó, ibà wà. Bí kò bá sí, àyẹ̀wò kò rí ibà.
20. Kọ èsì sínú ìwé àkọsílẹ̀.
21. Kó kásẹ́ẹ̀tì àti òwú sínú ike ìdọ̀tí.
22. Bọ́ ìbọ̀wọ́ sínú ike ìdọ̀tí.
23. Fi ọṣẹ àti omi wẹ ọwọ́.

Ẹ wo ipò 20 àti 21. Kíkọ èsì ṣáájú jíju kásẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ohun tí a ti jù kò ṣeé kà mọ́. Ẹ wo ipò 6 pẹ̀lú. A kì í ya àpò náà títí ohun gbogbo fi wà nílẹ̀, torí pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń ba ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ bí ó bá pẹ́ ní ṣíṣí.

Àwọn kan lè rò pé ìlà mẹ́tàlélógún ti pọ̀ jù, pé ìpínrọ̀ kan péré ni tẹ́lẹ̀. Kò pọ̀ sí i. Iṣẹ́ kan náà ni, àfi pé a ti lè kà á báyìí. Ìwé àtijọ́ kúrú nítorí pé ó fi ìdajì iṣẹ́ náà pamọ́ sínú orí ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ̀rí wà pé ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Sáḿbíà, àwọn olùwádìí dán irú èyí wò láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Àwọn tí wọ́n fún ní ìwé tó wá láti ilé iṣẹ́ nìkan ṣe nǹkan bí ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìgbésẹ̀ náà bó ṣe yẹ. Àwọn tí wọ́n fún ní ìwé tí wọ́n tún ṣe, tó fi àwòrán àti ìlà tó ṣe kedere to ìgbésẹ̀ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀, ṣe ìdá 80. Àwọn tó gba ìwé náà pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ránpẹ́ ṣe ìdá 92. Ìwé tó dára kò gba ipò olùkọ́, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà ti wáyé kí olùkọ́ kankan tó la ẹnu.

Àwọn ohun kan wà tí ìwé ògiri kò lè ṣe. Kò lè sọ fún wa pé kásẹ́ẹ̀tì ti gbóná jù nínú ọkọ̀ tó kó o wá. Kò sì lè mọ̀ pé ọmọ tí èsì rẹ̀ fi ibà hàn lónìí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí oògùn ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí èròjà kòkòrò tó ti kú ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyẹn di ọ̀ràn ìbéèrè àti ìtọ́jú, ìwé tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Mètírọ́ọ̀nù kọ̀ láti fi í kún èyí. Ó ní ìwé tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjì kò ní ṣe ọ̀kankan dáadáa.

Ẹ̀yin tí ìwé ìlànà wà ní ìkáwọ́ yín, yálà ti ilé ìwòsàn, ti ilé ìtajà oògùn tàbí ti ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, ẹ ká a kúrò lára ògiri lọ́la. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo "kí o tó" àti "lẹ́yìn tí o bá ti". Ẹ fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ nígbà tó bá ń ṣe é. Ibikíbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ẹ má ṣe bá a wí. Ìwé yín ni kí ẹ tún kọ.